Àlọ́ Ìjàpá fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún: báwo la ṣe ń mú kí gbogbo wọn gbe orin?

Àǹtí Jẹ́léósinmi, Òkè-Fìà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ pa àlọ́ kan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ 28 ni wọ́n. Àwọn tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, àwọn tó dàgbà jù kò tíì pé mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo ní. Mo ti hun àlọ́ náà, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò tíì dá mi lójú, n ò sì mọ bí mo ṣe máa yí ohùn padà láti orí ẹranko kan sí òmíràn.

Bó ṣe lọ nìyí. Adìẹ ní igbá kan tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjàpá jí igbá náà, ó kì í sínú àpò. Bó ṣe ń lọ sílé, ó pàdé Ewúrẹ́, ó pàdé Ọ̀bọ, ó pàdé Ẹyẹlé, ó pàdé Ajá, ó pàdé Erin. Ẹni tó bá pàdé á bi í pé kí ló wà nínú àpò rẹ̀. Á ní kò sí nǹkan kan. Igbá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin látinú àpò. Nígbẹ̀yìn, àṣírí tú. Orin tí mo fi sí i rèé:

Lílé: Ta ló gbé mi o?
Ègbè: Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló gbé ọ!
Lílé: Ta ló ni mí o?
Ègbè: Adìẹ òkòkó ló ni ọ́!
Lílé: Kí ló yẹ kó ṣe?
Ègbè: Kó tètè gbé ọ padà fún un!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Àlọ́ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ègbè rẹ ló wúwo jù. Wo ohun tó o fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ta há sórí: gbólóhùn mẹ́ta tí kò jọra, tí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ní sílébù mọ́kànlá. Kó tó rántí ọ̀kan, o ti bọ́ sórí èkejì. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn mẹ́rin márùn-ún tó já fáfá níwájú á máa dá ọ lóhùn, àwọn tó kù á máa la ẹnu lásán, ariwo àwọn díẹ̀ yẹn á sì jẹ́ kó o rò pé gbogbo kíláàsì ló ń gbè é.

Ègbè kan ṣoṣo ni kó o mú, kó má sì yí padà títí àlọ́ á fi parí. Sílébù mẹ́rin ti tó. Ó tiẹ̀ wà nínú ìlà rẹ tó kẹ́yìn: "Gbé mi padà!" Lílé ló lè máa yí, torí ìwọ lò ń dá a. Bí mo ṣe máa tò ó rèé:

Lílé: Igbá Adìẹ rèé o.
Ègbè: Gbé mi padà!
Lílé: Ìjàpá Tìrókò o.
Ègbè: Gbé mi padà!
Lílé: Ọmọ Adìẹ ń sunkún o.
Ègbè: Gbé mi padà!
Lílé: Ilé rẹ ṣì jìnnà o.
Ègbè: Gbé mi padà!

Ṣé o rí i pé àwọn ọmọ ti di igbá? Nínú orin tìrẹ, ńṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè. Nínú èyí, àwọn gan-an ló wà nínú àpò Ìjàpá tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ kékeré tètè máa ń gbe orin tó bá jẹ́ pé òun ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ohun kejì, jẹ́ kí orin náà tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. "Gbé" wà lókè, "mi" àti "pa" wà láàárín, "dà" wà nísàlẹ̀. Jẹ́ kí orin sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí orin tó o gbọ́ lórí rédíò bá ń dún lọ́kàn rẹ, ó lè máa wù ọ́ láti gbé ìparí rẹ̀ sókè kó lè dùn, á wá di "gbé mi padá", tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ bó o bá bi wọ́n pé kí ni igbá ń wí, ẹnu wọn á wọ́hò. Bó o ṣe máa dán an wò ni pé kó o kùn ún láìla ẹnu sétí ẹni tó mọ àlọ́ náà. Bó bá mọ ìlà tó o kùn, orin náà bá ọ̀rọ̀ mu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tún un ṣe.

Ẹranko márùn-ún pọ̀ jù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mú mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ, nígbà kejì ni wọ́n ń dá a mọ̀, nígbà kẹta ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, àwọn tó kéré jù á ti máa fa irun ẹni tó jókòó níwájú wọn.

Ṣùǹkànmí Onílù

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ẹranko márùn-ún, àfi kí ohùn wọn yàtọ̀. Kí Àǹtí ní ohùn ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí Ìjàpá máa fi imú sọ̀rọ̀, kí Ewúrẹ́ máa gbọ̀n, kí Ọ̀bọ máa ké tín-ín-rín, kí Erin máa bú ramúramù látinú ọ̀fun. Kí wọ́n wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Kí dùndún sì máa tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ wa fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ariwo máa ń wà níbẹ̀ ni.

Bọ̀dé Alápamọ̀

Àwọn àlọ́ tó rọrùn fún ọmọdé rèé, ẹ mú èyí tó bá wù yín:

Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá òjò.
Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Orógùn.
Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́. Ahọ́n.

Mo ní ogún mìíràn nílẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́.

Àǹtí Jẹ́léósinmi, Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá Bọ̀dé. Àlọ́ àpagbè ni mo ń béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe àpamọ̀. Ṣùgbọ́n mo lè fi ọ̀kan ṣíde.

Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti gba ègbè kan ṣoṣo yẹn. Mo sì ti yan Ewúrẹ́, Àkùkọ àti Erin. Ohùn tí Bùọ̀dá Ṣùǹkànmí sọ ńkọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe é?

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ṣùǹkànmí kò jìnnà sóòótọ́. Kí Ìjàpá máa fi imú sọ̀rọ̀, ó dára, ó sì máa ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ohùn wa ni ìtumọ̀ wa. Bó o bá ń yí ohùn padà fún ẹranko, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ lọ sókè tàbí kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe Erin máa ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́lẹ̀ ni, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan. Nínú àlọ́ tìrẹ, igbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí Erin bá wá bú ramúramù pé "Igbá ta nìyí?", tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, "igba" ni ọmọ á gbọ́, ìyẹn tí wọ́n ń kọ́ nínú ìṣirò, tàbí "ìgbà". Ọmọ kékeré kò ní bi ọ́ ohun tó o wí. Ńṣe ni ojú rẹ̀ á kúrò lára rẹ.

Torí náà, má tẹ Erin mọ́lẹ̀. Fà á gùn ni. Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì méjì, kí ejìká rẹ sì máa gbé sókè sódò bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Ohùn tìrẹ lè má sọ̀ kalẹ̀ rárá, wọ́n á ṣì mọ̀ pé Erin ni. Bó ṣe ń yára àti bí ara ṣe ń ṣe ló ń fi ẹranko hàn ju ọ̀fun lọ. Àkùkọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yá, ọrùn rẹ á máa ta síwá sẹ́yìn, á sì máa kọ "kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀" kó tó sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́, fi "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ṣíde kó o sì máa jẹ ẹnu bí ẹni ń jẹ ewé. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ohùn tó mọ́ sọ ìbéèrè rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí gbogbo gbólóhùn máa gbọ̀n.

Ti Ìjàpá ló ṣòro jù, torí imú náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bó o bá fi imú sọ "mi ò rí i", "mi ò rín in" ni wọ́n á gbọ́. Ọ̀nà tó dára ni pé kó o fún Ìjàpá ní ọ̀rọ̀ tí imú wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Nǹkan kan ò sí nínú àpò mi o." Ka gbólóhùn yẹn sókè, wàá rí i pé imú ti ń bá ọ sọ ọ́ kó o tó fún un pọ̀. Fi "hìn-ìn-ìn" ṣíwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀.

Ẹni méjì ni kó máa ní ohùn tó yàtọ̀ gan-an, Ìjàpá àti Erin. Ìwọ apàlọ́, ohùn tìrẹ gan-an ni kó o máa fi sọ ìtàn. Bí apàlọ́ náà bá ń dún bí ẹranko, àwọn ọmọ ò ní mọ ìgbà tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Kí Ewúrẹ́, Àkùkọ àti Erin béèrè ìbéèrè kan náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà: "Ìjàpá Tìrókò, kí ló wà nínú àpò rẹ?" Tó bá di ti Erin, àwọn ọmọ á ti máa bá a béèrè. Jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò wúlò fún ọmọ 28. Ọwọ́ kan á ti dí, á sì jẹ́ kí ohùn tìrẹ bo tiwọn mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé tiwọn lò ń wá.

Ṣùǹkànmí Onílù

Mo gba ti ẹ̀rọ, mà. Ṣùgbọ́n n kò tíì gba ti ìlù. Dùndún á sọ "gbé mi padà" láìsí ìyọnu, òkè, àárín, àárín, ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ á gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Òótọ́ lo sọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ìlù sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ègbè, àti ẹ̀ẹ̀kan sí i ṣáájú orin kọ̀ọ̀kan, kó wá dákẹ́. Bó bá ń lù nígbà tí Ewúrẹ́ ń sọ̀rọ̀, ìlù ni wọ́n á máa wò. Ìlù náà gba ẹlòmíràn lọ́wọ́, Àǹtí kò lè máa lù kó tún máa kó àpò.

Tíṣà Ọgbà, Ayégbajú

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àpò yẹn kún un, torí ibẹ̀ ni kíláàsì ti máa ń fọ́. Mímú ọmọ kọrin kò ṣòro tó mímú wọn dákẹ́. Bí wọ́n bá ti rí i pé a gbà wọ́n láyè láti pariwo, ọmọ 28 lè máa ké "gbé mi padà" títí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín á fi tán.

Ẹ lo àpò tòótọ́ àti igbá tòótọ́. Ẹ wá àpò aṣọ kan tó ní okùn lẹ́nu, àti igbá kékeré kan tó gbà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bu nǹkan lọ́jà. Tí ẹnu àpò bá là, igbá lè kọrin. Tí ẹ bá fa okùn, ẹnu rẹ̀ dé, igbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kọ́ wọn ní èyí kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ṣeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ là á, wọ́n kọrin, ẹ dé e, wọ́n dákẹ́. Ẹ là á díẹ̀ báyìí, kí wọ́n kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n máa ń fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn yìí jù.

Bí wọn ò bá dákẹ́ nígbà tí àpò dé, ẹ má pariwo lé wọn lórí. Ẹ dúró bí ère, kí Ìjàpá fi etí mọ́ àpò, kó máa wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ á dé láàárín ìmí méjì mẹ́ta. Tí ẹ bá pariwo, ariwo méjì lẹ ní.

Ohun mìíràn tó máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á máa gba ègbè ṣáájú lílé. Ìyẹn fi hàn pé ẹ ń falẹ̀ jù láàárín lílé àti ègbè, tàbí pé ẹ la àpò sílẹ̀ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ parí lílé, ẹ la àpò, kó jẹ́ pé bí ó ṣe ń là ni wọ́n ń gbà á. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ bá wọn kọ ègbè. Nígbà kejì, ẹ kàn máa la ẹnu láìgbóhùn jáde. Nígbà kẹta, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ìgbà kẹta yẹn lẹ máa tó mọ̀ bóyá wọ́n ti mọ̀ ọ́n tàbí ẹ̀yin ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ìyá Fẹ́mi

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò ní kíláàsì o. Ọmọ kan ṣoṣo ni tèmi, ọdún méjì àbọ̀, alẹ́ ni mo fẹ́ máa pa á fún un kó lè sùn. Tí mo bá dé ibi orin, ńṣe lojú rẹ̀ á là peregede! Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìyá Fẹ́mi, àlọ́ tí Àǹtí ń hun yìí, títa jí ló wà fún. Bó bá jẹ́ oorun lò ń wá, yí i padà. Ẹranko méjì ni kó o fi sí i, má sọ pé kó gbè é. Ìwọ kọ lílé, ìwọ kọ ègbè, kí èyí tó kàn máa rọlẹ̀ ju èyí tó ṣáájú lọ, kó o sì máa pẹ́ sí i kó o tó kọ ìlà kejì. Yọ Erin kúrò. Bó bá bá ọ gbè é fúnra rẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n má dúró dè é, torí dídúró dè é gan-an ló ń là á lójú.

Alákọ̀wé Òkè-Baálẹ̀

Ó yà mí lẹ́nu pé ní Òṣogbo wa níbí, Ìjàpá ni a ń lé kiri. A ní ìtàn tiwa: bí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ṣe dé etí odò, tí igi tí wọ́n gé wó sínú omi, tí ohùn fi jáde látinú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ fi ìyẹn pa àlọ́ fún wọn. "Ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi" á dùn ní ègbè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀sán ni Àǹtí fẹ́ pa àlọ́. Ṣé àwọn baba wa kò sọ pé àlọ́ kì í ṣe ohun ọ̀sán ni?

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ti àkọ́kọ́ yẹn, ìtàn ni, kì í ṣe àlọ́. Ìtàn bí ìlú ṣe tẹ̀dó ni, ó ní àwọn tó ń pa á mọ́ ní ààfin Àtáọ́ja àti lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun. Sọ ọ́ fún ọmọdé, ó dára, àmọ́ sọ ọ́ bí ìtàn, pẹ̀lú ohùn tìrẹ. Apàlọ́ lè fi kún àlọ́, ó lè yọ níbẹ̀, ó lè fi Àkùkọ dípò Ọ̀bọ, kò sẹ́ni tó máa mú un. Tó o bá ń fi kún ìtàn ìlú bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ 28, wọ́n á gbé e délé, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

Ti ọ̀sán, òótọ́ ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọn ò fẹ́ kí àwọn èèyàn fi sílẹ̀.

Ṣùǹkànmí Onílù

Ìyá Àgbà, iṣẹ́ nìkan kọ́ o. Ilé ibòmíràn kà á sí èèwọ̀ gidi. Àwọn òbí kan lè bínú.

Tíṣà Ọgbà, Ayégbajú

Ilé ìwé ti ń pa àlọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ti pẹ́. Kí òbí tí kò bá fẹ́ wá bá olùkọ́ sọ ọ́.

Alákọ̀wé Òkè-Baálẹ̀

Pé ó ti pẹ́ kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Àǹtí Jẹ́léósinmi, Òkè-Fìà

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó di ìjà. Mo ti tò ó jọ báyìí. Ẹ bá mi wo ibi tó kù sí.

Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, àlọ́ àpamọ̀ kan, ti àgbàrá òjò. Ìṣẹ́jú kejì, mo yọ àpò àti igbá, mo kọ́ wọn ní ègbè, a fi líla àti dídé ṣeré. Lẹ́yìn náà:

Ààlọ́ o!
(Ààlọ̀!)
Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò àti Adìẹ. Adìẹ ní igbá kan. Igbá yìí ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, òun ló fi ń bọ́ wọn lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá yọ́ wọlé. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó gbé igbá, ó kì í sínú àpò, ó fa okùn. Ó ń lọ, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀. Ó pàdé Ewúrẹ́.
"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ìjàpá Tìrókò, kí ló wà nínú àpò rẹ?"
"Hìn-ìn-ìn. Nǹkan kan ò sí nínú àpò mi o."
(Mo la àpò. Orin, ìlà mẹ́rin.)
Ìjàpá fa okùn. Ewúrẹ́ ní, "Àpò rẹ ń sọ̀rọ̀!" Ìjàpá ní, "Inú mi ló ń kùn." Ṣé inú rẹ̀ ló ń kùn?
(Rárá o!)
Ó ń lọ, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀. Ó pàdé Àkùkọ.

Bó ṣe máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ Erin nìyẹn. Erin á fi ọwọ́jà rẹ̀ tú okùn, igbá á yọ sí gbangba, gbogbo wọn á sin Ìjàpá padà sọ́dọ̀ Adìẹ. N kò mọ̀ bóyá kí Adìẹ fi ẹnu ṣá Ìjàpá kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́, tàbí kí Ìjàpá kàn bẹ̀bẹ̀.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Àwọn ọmọ mélòó kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ Yorùbá nílé. Wọn ò mọ "padà".

Tíṣà Ọgbà, Ayégbajú

Ó dára gan-an. "Gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀" yẹn, kí wọ́n máa fi ọwọ́ lu itan wọn sí i, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ lèyí fún àwọn tí kò tíì lè kọrin, ó sì jẹ́ ọ̀nà tí ẹ fi ń sọ fún wọn pé orin ti parí, ìtàn ti ń lọ.

"Ṣé inú rẹ̀ ló ń kùn?" dára, torí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì lè jọ dá a. Ẹ má bi wọ́n pé "Kí lẹ rò pé Ìjàpá máa ṣe?" Ọmọ mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ajá ilé wọn jẹ lánàá, ẹ ò sì ní rí àlọ́ yín mú mọ́.

Fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ fi ojú rí i hàn wọ́n. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé igbá síwájú ọmọ kan, ẹ ní "Ti ẹ nìyí." Ẹ gbé e lọ sí igun yàrá. Ẹ ní "gbé e padà", kẹ́ ẹ sì gbé e padà wá síwájú rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹ ò nílò àlàyé kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níbẹ̀, bí Erin ṣe máa fi ọwọ́jà rẹ̀ tú okùn. Na apá kan síwájú, kó o fi tú u díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn máa wò ó.

Ti ìparí, má fọ́ ẹ̀yìn Ìjàpá fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Kó gbé igbá padà fún Adìẹ, kí àwọn ọmọ kọ orin lẹ́ẹ̀kan sí i bó ṣe ń gbé e lọ, kí ọmọ kan sì gba igbá lọ́wọ́ rẹ bí ẹni pé òun ni Adìẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni "ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká."

Alákọ̀wé Òkè-Baálẹ̀

Ìjàpá tí kò jìyà kì í ṣe Ìjàpá. Àwa gbọ́ àlọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yánkanyànkan, a sì sùn. Kí Adìẹ fi ẹnu ṣá a, ó kéré tán.

Ìyá Fẹ́mi

Bùọ̀dá, tèmi á sunkún o.

Tíṣà Ọgbà, Ayégbajú

Tó bá jẹ́ ọdún márùn-ún nìkan ni gbogbo wọn, mo lè fara mọ́ kí Adìẹ fi ẹnu ṣá a. Níbi tí àwọn ọdún mẹ́ta wà, ojú wọn ni kí Àǹtí máa wò. Bí ọmọ kan bá ti ń sún mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí Erin ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ti ìyà sílẹ̀.

Àǹtí Jẹ́léósinmi, Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun. Mo máa lo ìparí ti Ìyá Àgbà. Ó ku àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn. Ìlà mẹ́ta ni a máa ń tò wọ́n sí lórí ẹní.

Tíṣà Ọgbà, Ayégbajú

Ẹ má tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta tó gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó yí yín ká ní ìlà méjì, àwọn ọdún mẹ́ta níwájú, kí ẹ̀yin kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu yín. Ẹ fi ọmọ méjì tó ti mọ orin náà sí ìlà ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ẹ bá sì ń la àpò, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìlà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì.